Ẹ̀sùn lórí máàpù tí ẹ gbà kúrò lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà Ìgbòho

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Òrí ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń lo áàpù máàpù yín, èyí tí a ń sanwó fún lọ́dọọdún ni mo sì ń lò, torí ẹ sọ pé ẹni tó bá sanwó lè gba máàpù agbègbè tó bá fẹ́ sórí fóònù rẹ̀, kó máa lò ó níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó mú mi sanwó nìyẹn. Òkè-Ògùn ni mo ti ń ra ọjà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ̀ pé tí èèyàn bá ti jáde nínú ìlú ńlá, dátà á máa wá, á máa lọ, tó bá yá kò ní wá mọ́ rárá.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, mo gba máàpù náà sílẹ̀ nínú ilé mi. Mo fa ààlà rẹ̀ láti Ìbàdàn títí kọjá Kíṣí, kí ibi tí a ti ń gbéra àti ibi tí à ń lọ lè jọ wà nínú rẹ̀, torí mo mọ̀ pé tí ọ̀kan bá bọ́ síta, áàpù kò ní lè fi ọ̀nà hàn láìsí dátà. Ó gbà tó mẹ́gábáìtì 180, àyè sì ṣì pọ̀ lórí fóònù náà. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà ní èmi ni mi ò ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni èmi àti àbúrò mi tó ń wa ọkọ̀ gbéra. A gba Mọ́níyà bọ́ sí Ìsẹ́yìn, a kọjá lọ sí Ṣakí, áàpù ń júwe ọ̀nà fún wa láìsí wàhálà. Láti Ṣakí a kọjú sí Ògbórò. Ìgbòho ni à ń lọ, àmọ́ a fẹ́ kọ́kọ́ yà sí abúlé kan tí àwọn ìyá tó ṣe òrí sílẹ̀ dè mí wà. A ò dé ibẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn ti fi àmì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo sì ti fi pamọ́ sínú áàpù yín.

Lẹ́yìn Ògbórò a dúró ra iṣu. Nígbà tí mo tún ṣí áàpù náà, ojú fóònù funfun báláú bí aṣọ àlà. Àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, òun náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sí odò, kò sí orúkọ abúlé kan ṣoṣo. Mo lọ wo `Offline maps`. Lábẹ́ máàpù tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà sílẹ̀, ohun tí mo rí ni `Expired`. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe, ó ní `No internet connection`.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù mi mọ ibi tí a wà. Ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń mọ̀ ọ́n, ìyẹn kò sì la dátà lọ. Dátà kàn máa ń jẹ́ kó tètè rí àwọn sátẹ́láìtì náà ni. Máàpù nìkan la ò rí. Kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ògùn ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin lẹ gbà á, níbi tí a ò ti lè rí òmíràn.

Ilé ni mo padà dé kí n tó mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 30 péré ni ẹ fún máàpù kọ̀ọ̀kan. Tèmi pé ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta kí a tó gbéra. Òótọ́ ni pé áàpù yín máa ń tún máàpù gbà fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, àmọ́ Wáì-Fáì nìkan ni ẹ yàn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní Wáì-Fáì nílé. Dátà orí síìmù ni mò ń rà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú àwa tí à ń lo áàpù yín ní Nàìjíríà. Áàpù náà kàn ń dúró de Wáì-Fáì títí ọjọ́ fi pé, kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Nígbà tí ọmọ mi ṣí họ́tísípọ́ọ̀tù láti orí fóònù tirẹ̀, tí mo so tèmi mọ́ ọn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni máàpù náà fi wọlé padà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo wá abúlé náà nínú áàpù, ó fi ọ̀nà hàn mí láti Ìbàdàn débẹ̀. Mi ò mọ̀ pé dátà ilé ló ń bo àṣírí. Láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni áàpù ti ń mú gbogbo ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tó wà lórí fóònù ti kú. Báyìí, mo máa ń tan `Airplane mode` nílé ná, kí n tó wá ibi tí mò ń lọ, kí n sì ní kó la ọ̀nà fún mi. Tí ọ̀nà bá jáde bẹ́ẹ̀, ó wà lórí fóònù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ èyí fún wa nínú áàpù yín? Mi ò rí i níbì kankan.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì la yà sí ọ̀nà oko tí kò jáde síbì kankan. Ọlọ́kadà kan ló mú wa débẹ̀ níkẹyìn, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta. Àwọn ìyá náà ti dúró títí. Nínú ogójì igbá òrí tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún mi, wọ́n ti ta mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún ẹlòmíràn tó kọjá. Mi ò lè bá wọn jà, torí wọ́n pè mí, ìpè ò wọlé.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ yín, èsì tí wọ́n fún mi ni pé kí n rí i dájú pé mo wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ọ̀gá, torí ibi tí kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe sanwó fún yín.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Tí ọjọ́ máàpù bá pé níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má ṣe tì í mọ́ wa. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí a gbà á sórí rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ọ̀nà Ògbórò sí Ìgbòho kò yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kìlọ̀ fún wa ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Fóònù fúnra rẹ̀ mọ ọjọ́ tí yóò pé, kò nílò dátà kó tó sọ ọ́. Nígbà tí a bá sì ń gba máàpù sílẹ̀, ẹ bi wá bóyá a fẹ́ kí ẹ máa fi dátà síìmù tún un gbà, kí ẹ sọ iye mẹ́gábáìtì tí yóò jẹ, kí oníkálukú yàn fúnra rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ dá owó ọdún yìí padà fún mi, torí iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ san án kọ́ ni ó ṣe. Mo fi àwòrán ojú fóònù náà mọ́ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ àti aago wà lókè rẹ̀.

Mò ń padà lọ sí Òkè-Ògùn ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èsì yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí n tó gbéra.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín, òǹtajà òrí, Ìbàdàn