Láísẹ́ǹsì tuntun kò sọ mọ́tò di tẹni

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, bí èèyàn bá ra mọ́tò àlòkù, ọ̀pọ̀ kì í yí i sí orúkọ ara wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì ṣe lórúkọ ẹni tó tà á fún wọn, wọ́n á ní pátíkúlà àwọn ti pé. Ẹni tó tà á gan-an ló yẹ kí àyà rẹ̀ já. Bí wọ́n bá fi mọ́tò yẹn jalè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn.

Aládùúgbò wa kan ní Tákíè ra Kòrólà lọ́wọ́ tíṣà kan, tíṣà sì kọ rìsíìtì fún un. Nígbà tó kó ìwé dé ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, orúkọ ẹlòmíì ni wọ́n bá níbẹ̀. Tíṣà náà kò yí i nígbà tí òun rà á. Wọ́n ní kó mú rìsíìtì tí olóhun àkọ́kọ́ kọ fún tíṣà wá, olóhun àkọ́kọ́ sì ti wà lókè òkun. Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò onítọ̀hún tó bá wọn wá ìwé náà rí.

Nítorí náà, kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé. Bí kì í bá ṣe ti ẹni tó dúró níwájú yín, kó mú ìwé tó fi rà á wá. Ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí rìsíìtì sì ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, nọ́ńbà mọ́tò, nọ́ńbà ṣásì, ti ẹ́ńjìnnì, iye owó, ọjọ́ àti aago tó kó kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́. Aago yẹn kì í ṣe àṣejù o: bí mọ́tò bá ti gbá èèyàn láàárọ̀, tí ẹ rà á lọ́sàn-án, òun ni yóò gbà yín.

Nọ́ńbà ṣásì ló tún máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ dírẹ́bà, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ kà á lára mọ́tò fúnra yín, kí ẹ fi wé ti orí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fi I, O tàbí Q sínú rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí O lórí ìwé, òdo ni akọ̀wé ṣì kọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ ìwé tiyín, nítorí àṣìṣe náà ni yóò tẹ̀ lé yín lọ. Ṣùgbọ́n bí ti gíláàsì àti ti ilẹ̀kùn kò bá bára mu, tàbí tí wọ́n ti ha ibẹ̀, ẹ gba owó yín padà.

Inṣọ́ránsì ẹni tó tà á kò tẹ̀ lé mọ́tò wá. Ẹ ra tiyín. ₦15,000 ni tẹ́ẹ̀dì-pátì mọ́tò ilé láti 2023.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ọ̀gá láísẹ́ǹsì, kí wọ́n lẹ iye owó àti ìwé tí wọ́n ń béèrè mọ́ ara ògiri, kó má jẹ́ pé ẹnu àwọn ajẹ́ńtì tó dúró níta la ti ń gbọ́ ọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́