Ọmọ Kan Tí Bàbá Alágbẹ̀dẹ Fi Ṣe Ìjẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dá pa mọ́: Bàbá Alágbẹ̀dẹ ti pa Bàbá Aláṣọ láyò! Lójú ọjà ni, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ìwọ náà mọ̀ yẹn.

Gbé ọpọ́n dírááfù rẹ sílẹ̀, kí o tò ó bó ṣe wà. Jókòó sídìí funfun, kí o ka ilé láti 1 dé 50, láti apá òsì lókè. Bàbá Aláṣọ ló ni dúdú, ọmọ mẹ́rin ló kù fún wọn: 10, 14, 16 àti 17. Mẹ́ta péré ló kù fún funfun: 28, 32 àti 37. Dúdú ló kàn.

Bàbá Aláṣọ ń kánjú àtijọba, wọ́n ti 14 sí 19. Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ilé 14 ṣófo lẹ́yìn 19, bẹ́ẹ̀ ni ilé 5 ti ṣófo lẹ́yìn 10 tipẹ́.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ pẹ́ kí wọ́n tó nawọ́. Wọ́n ti 28 sí 22, sẹ́nu 17 gan-an. Àwọn òǹwòran figbe ta, wọ́n ní ojú bàbá ò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n dandan ni jíjẹ: 17 jẹ 22, ó balẹ̀ sí 28, iwájú 32 gẹ́lẹ́. Ni 32 bá gbéra. Ó jẹ 28, ó dé 23. Ó jẹ 19, ó dé 14. Ó jẹ 10, ó balẹ̀ sí 5, ó jọba.

Wo 37 dáadáa, òun ló mú mi wú jù. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, dúdú tó balẹ̀ sí 28 ì bá tún fo 32 lẹ́ẹ̀kan náà, ìjẹ ì bá sì di òfò.

Dúdú kan ṣoṣo ló kù. Ó sún sí 21, ọba wá dúró ní 32. Bó bá lọ sí 27, ọba á jẹ ẹ́. Bó bá gba 26, kò ní ọ̀nà mìíràn ju 31 lọ, 37 sì ń dúró dè é níbẹ̀. Bàbá Aláṣọ gbá ọpọ́n dànù, wọ́n dìde.



Ọjà méjì ti ná láti ìgbà náà, Bàbá Aláṣọ ò yọjú. Bàbá Alágbẹ̀dẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àpótí Bàbá Aláṣọ. Wọ́n á to ọmọ sílẹ̀ tán, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Àyà mi ń já.

Jọ̀ọ́, pe Bàbá Aláṣọ lórí fóònù. Ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Sọ fún wọn pé ká ní 16 ni wọ́n sún sí 21 tí wọ́n fi 14 sílẹ̀, ọmọ kan fún ọmọ kan ni ìjẹ yẹn ì bá jẹ́, mẹ́ta á kù fún wọn, méjì fún funfun. Sọ pé kí wọ́n wá fi han Bàbá Alágbẹ̀dẹ lórí ọpọ́n.

Èmi ni tìrẹ.