Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Aláró àti Aládìrẹ Lórí Kóòdù Iṣẹ́ Tí Wọ́n Kọ Sára Ìwé Owó Wa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
nípasẹ̀ Olórí Ẹ̀ka tó ń gba owó wọlé.

Ọlọ́lá jù lọ,

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláró àti aládìrẹ ìlú yìí kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A kò wá sọ pé a kò ní í san owó. Àwọn ìyá wa san, àwa náà ń san. Ohun tó gbé wa wá ni nọ́ńbà mẹ́rin kan tí wọ́n tẹ̀ sókè ìwé owó tí ẹ pín fún wa lọ́dún yìí, níwájú ibi tí wọ́n kọ ẹ̀ka iṣẹ́ sí. Lára ìwé àwọn kan nínú wa, 9601 ló wà níbẹ̀. Lára ti àwọn mìíràn, 2011 ni. Àwọn tí ìsọ̀ wọn kọjú sí ojú ọ̀nà ọjà rí 4782. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rẹ aṣọ nínú ìkòkò kan náà gba ìwé méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀, tí owó wọn kò sì dọ́gba.

A ti wádìí àwọn nọ́ńbà náà. Ètò ISIC ni wọ́n ti wá, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń pín iṣẹ́ ajé sí ìsọ̀rí. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ̀dà kẹrin tó jáde ní 2008 ló ní àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ fún wa. Ẹ̀dà kẹrin yìí kan náà ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè lò nígbà tí wọ́n tún ìṣirò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ṣe ní 2014. A kò bínú pé ẹ lò ó. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ lò ó bí ìwé rẹ̀ ṣe ní kí a lò ó.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Lẹ́tà kan ló ń ṣáájú, láti A dé U, tó ń sọ irú iṣẹ́ lápapọ̀: C ni ti àwọn tó ń ṣe ọjà jáde, G ni ti àwọn tó ń tajà, S ni ti oríṣiríṣi iṣẹ́ tí a ń bá ènìyàn ṣe, bíi fífọ aṣọ àti ṣíṣe irun. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ agbo iṣẹ́ náà, ẹ̀kẹta sọ ọ́ di kékeré, ẹ̀kẹrin wá tọ́ka sí iṣẹ́ náà gan-an. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ sí. Bí wọ́n bá jẹ́ 13, agbo aṣọ la wà. Bí wọ́n bá jẹ́ 96, wọ́n ti kó wa mọ́ alágbàfọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 20, wọ́n ti kà wá mọ́ iléeṣẹ́ kẹ́míkà. Kò sí àtúnṣe tí a lè ṣe sí nọ́ńbà ìkẹyìn tó lè gba ẹni tí wọ́n ti fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣì gbé.

Ti 9601 ló dùn wá jù. Ìwé ISIC kọ ọ́ síbẹ̀ pé fífọ aṣọ ni, ìbáà ṣe pẹ̀lú omi tàbí láìlo omi, àti lílọ aṣọ. Aṣọ tó dọ̀tí ló ń lọ síbẹ̀, òun kan náà ló sì ń padà bọ̀. Aṣọ funfun ló ń wọ ilé tiwa, àdìrẹ ló ń jáde. Ó jọ pé a mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá: nínú ẹ̀dà ISIC ti 1968, wọ́n kọ ilé ìfọṣọ àti ilé aró pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá mú àkọsílẹ̀ àtijọ́, tó wá ń wá nọ́ńbà tuntun tó bá a mu, inú ìfọṣọ ló máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà 2008, 1313 ni wọ́n kọ iṣẹ́ aró sí, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀: sísọ aṣọ di funfun, rírẹ aṣọ àti òwú láró, sísá a, títẹ àwòrán sí i lára, kódà bó jẹ́ aṣọ tí wọ́n ti rán tán. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti máa darí ilé ìfọṣọ, ó sì dárúkọ wọn. Ẹni tí ẹ bá kọ 9601 fún, òfin alágbàfọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yín máa gbé wá bá a, wọ́n á máa béèrè ẹ̀rọ ìfọṣọ tí kò ní.

Ní ti 2011, a gbà pé ohun tí olùkọ̀wé yín rí ló kọ. Ó rí ike kọ́sítìkì, ó rí haidiro, àwọn kẹ́míkà tí a fi ń po aró, òórùn sì gbà á nímú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a rà wá síbi iṣẹ́ ló ń sọ ẹ̀ka iṣẹ́, ohun tí a tà jáde ni. 2011 jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe kẹ́míkà tàbí aró fún títà. A ń po aró, a kì í tà á. Ara aṣọ ló ń parí sí. Ká sọ òtítọ́, ìwé náà sọ pé ibikíbi tí aró bá ti wá, ẹni tó ń ṣe é fún títà wà ní 2011. Nítorí náà, àwọn ìyá díẹ̀ tó ṣì ń gún ewé ẹlú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n sì ń ta ìṣù rẹ̀ fún aláró, lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. A kò jiyàn tiwọn.

Ní ti 4782, tó jẹ́ ti àwọn tó ń ta aṣọ lórí àtẹ, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa lẹ́nu ni pé ọwọ́ la fi ń ṣe é, ẹ̀yìnkùlé la ti ń ṣe é, iwájú ìsọ̀ la ti ń tà á, nítorí náà ọlọ́jà ni wá. Ìwé ISIC dáhùn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ṣíṣe ọjà jáde ni, bó jẹ́ ọwọ́ ni a fi ṣe é tàbí ẹ̀rọ, bó jẹ́ inú iléeṣẹ́ tàbí inú ilé, bó jẹ́ òbítíbitì la tà tàbí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lórí ohun ìní ẹlòmíràn tó sì gba owó iṣẹ́, ẹ̀ka kan náà ni òun àti ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ tà. Èyí yanjú ọ̀rọ̀ aláró àti aládìrẹ. Aládìrẹ máa ń fi ìko di aṣọ, tàbí kó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i. Ó lè gbé e lọ fún aláró láti rì í. Aláró náà kò ní aṣọ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ 1313 ni àwọn méjèèjì.

Ibi tí ó ti le díẹ̀ ni ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, àwọn wọ̀nyí sì pọ̀ nínú wa. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń wo owó tó wọlé jù. Ìwé náà kò ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a wo iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi kún ọjà: iye tí a tà á, kí a yọ iye ohun tí a rà lò kúrò. Owó iṣẹ́ tí a san fún àwọn ọmọṣẹ́ kì í kúrò níbẹ̀, nítorí òun náà wà lára ohun tí iṣẹ́ fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ra léèsì àti ańkárá, ó ń tún un tà. Ó ń rẹ àdìrẹ. Ó sì ń rán aṣọ. Lóṣù kan, ó ta aṣọ àràtà ní ₦1,500,000, ó sì ti rà á ní ₦1,250,000. Ohun tó fi kún un jẹ́ ₦250,000. Ó ta àdìrẹ ní ₦500,000. Aṣọ funfun, aró, kọ́sítìkì, haidiro, àbẹ́là àti igi ìdáná gba ₦300,000. Ó ku ₦200,000. Aṣọ rírán mú ₦260,000 wá. Òwú, sípì àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦80,000. Ó ku ₦180,000.

Bí a bá wo títà nìkan, ọlọ́jà ni. Kódà, bí a bá wo àwọn àfikún mẹ́ta náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ₦250,000 ti ọjà ló ga jù. Ṣùgbọ́n ìwé ISIC ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀: lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń yàn. Aró àti aṣọ rírán wà lábẹ́ C, àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦380,000. Títà wà lábẹ́ G, ₦250,000 ni. C ló borí, G ti bọ́ sílẹ̀. Nínú C, aró wà ní 13 pẹ̀lú ₦200,000, aṣọ rírán wà ní 14 pẹ̀lú ₦180,000. 13 ló borí, 1313 sì ni ìsọ̀ náà. Bí aṣọ rírán bá ga ju aró lọ́dún míì, 1410 ni yóò jẹ́, ìyẹn ti àwọn tẹ́lọ̀. Oṣù kan kò tó o. Ìṣirò ọdún kan gbáko ló yẹ kí a lò, kí ọdún iléyá àti Kérésìmesì má baà gbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ìṣirò, ìwé ISIC gbà kí a wo iye ènìyàn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn rọrùn: ẹ ka àwọn tó wà nídìí ìkòkò, ẹ ka àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ ka ẹni tó jókòó síwájú ìsọ̀.

A kò fẹ́ kí ẹ kó gbogbo ẹni tó bá ní aṣọ aláwọ̀ lọ́wọ́ sábẹ́ 1313. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lókè òkun wọlé, tí wọ́n ń pè é ní àdìrẹ tàbí kàm̀pálà. Wọn kò rẹ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ orí àtẹ ni wọ́n ń tà á, 4782 ni tiwọn. Bó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, 4751 ni. Inú wa yóò dùn bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára wa. Ojú kò tètè ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ yí aṣọ padà: ti ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá lẹ́yìn, tiwa máa ń mu aró dé òdì kejì, ọnà ibi tí wọ́n di kò sì ní bára mu délẹ̀délẹ̀.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ìwé owó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9601 tàbí 2011 dúró fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa títí ẹ ó fi yẹ̀ wọ́n wò. Kí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá wa rìn láti ibi ìkòkò kan dé òmíràn, kí wọ́n mú ìwé ISIC dání, kí wọ́n ka ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbà àti ohun tó yọ sílẹ̀, kì í ṣe àkọlé rẹ̀ nìkan. Kí fọ́ọ̀mù yín ní àyè fún iṣẹ́ kejì, kí ẹni tó ń rán aṣọ mọ́ aró lè kọ ọ́. Bákan náà, kí ẹ fún ẹni tí ẹ bá yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ní ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí báńkì tí díẹ̀ nínú wa ti lọ yáwó ń béèrè ìdí tí ìwé CAC fi sọ pé à ń rẹ aṣọ, tí ìwé ìjọba ìbílẹ̀ sì pè wá ní alágbàfọ̀.

Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì ibi iṣẹ́ wọn àti ẹ̀dà ìwé owó tí kálukú gbà wà lára ìwé yìí. Ọjọ́ ọjà nìkan ni a kì í sí nílé, torí a máa ń kó aṣọ lọ sí Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ yòówù mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá yàn, ìkòkò yóò wà lórí iná.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Ìyálóde, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ aláró àti aládìrẹ.