Lẹ́tà sí Àkànní nípa ọwọ́ ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Àkànní ọmọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Olúwa á bùkún ọ, ìwọ náà á jẹun ọmọ. O ní kí n fi ra ọwọ́ ilẹ̀kùn tuntun, kí n yọ ti bàbá rẹ dànù, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ lórí mi. Mi ò ná an bí o ṣe wí gẹ́lẹ́. Fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pè mí.

Òótọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ọ. Òjò rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ náà, pákó ilẹ̀kùn mumi, ó wú. Mo fẹ́ jáde láàárọ̀, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti inú, mo yí i, ó kàn ń yí lọ́wọ́ mi bí òkòtó, ahọ́n kọ́kọ́rọ́ kò sún rárá. Irin wà lójú fèrèsé, ibo ni mo fẹ́ gbà? Mo kígbe títí ọmọ aládùúgbò wa fi gbọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ti ìta lẹ́ẹ̀kan péré, ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó, tí mo mu omi tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: bí ti ìta bá ń ṣiṣẹ́, tí ti inú kò ṣiṣẹ́, kí ló dé tí a ó fi kó méjèèjì dànù?

O kéré nígbà tí bàbá rẹ dè é, o ò lè rántí. Ọdún 1991 ni, ọdún tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo di olú-ìlú. Owó àjọ ló fi rà á. Ó ní nílùú Ọ̀ṣun afidẹrẹmọ, ilẹ̀kùn òun kò gbọdọ̀ wà láìní idẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ihò rẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ fẹ̀ jù. Ló bá po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gúlù, ó fi dí ibi tó ṣẹ́ kù. Ojú àbùlẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ irin pẹlẹbẹ tó yí ọrùn ọwọ́ ilẹ̀kùn ká.

Bí o bá wo ti ìta dáadáa, wàá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ó sì ti jẹ wọnú díẹ̀, nígbà tí ibi tó kù dúdú. Sípíríǹgì inú kọ́kọ́rọ́ máa ń dá ọwọ́ ilẹ̀kùn padà sí ojú kan náà lẹ́yìn tí a bá yí i, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wa fi ń bà á síbì kan náà láti ọdún yìí wá. Ọwọ́ òsì ni bàbá rẹ ń lò. Bí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún mi dì í mú, àtàǹpàkò mi kì í bọ́ sójú ibẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ló máa ń bọ́ sí i wẹ́kú. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ọwọ́ òsì dì í mú, omi sì bọ́ lójú mi.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí o rò pé torí ẹkún ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo pe bàbá káfíńtà, ó tú u wò lójú mi. Ọ̀pá irin onígun mẹ́rin kan ló gba inú ilẹ̀kùn já, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, òun ló so ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Sùkúrúù kékeré kan wà lọ́rùn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń fún un mọ́ ọ̀pá náà. Ti inú ti tú. Idẹ kò le tó irin, nígbà tí sùkúrúù sì ti tú, ọ̀pá náà ń gbo ihò inú idẹ lójoojúmọ́, títí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jẹ, tí ihò di róbótó. Ìdí nìyẹn tó fi ń yí lásán. Igun ihò ti ìta ṣì mú, ọ̀pá náà kò sì ṣe nǹkan kan.

Bàbá káfíńtà bi mí pé ta ló máa ń dè é tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dáhùn kíá. Bàbá rẹ ni. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹnikẹ́ni kò fi sùkúdíráfà kàn án. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mì kọ́lọ́kọ́lọ́, mo ń fi í sílẹ̀.

Mo lọ wo tuntun lọ́jà. Wọ́n gbé ọ̀kan wá tó ń dán yanran, wọ́n ní idẹ gidi ni. Mo ti mú òòfà tó jáde nínú sípíkà rédíò tó bàjẹ́ dání. Mo fi kàn án, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàgì: irin tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ kùn ni. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ idẹ. Mo padà wálé, mo fi kan ti bàbá rẹ, ó já bọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ṣe nìyí. Ti ìta wà níbẹ̀, a dè é le. Ti inú ni mo pààrọ̀, mi ò sì wá olórí róbótó mọ́, nítorí làkúrègbé kò jẹ́ kí ìka mi lè di nǹkan róbótó mú kó le bíi tàtẹ̀yìnwá. Èyí tó gùn gbọọrọ ni mo rà, tí mo lè fi ìgúnpá tẹ̀ sísàlẹ̀ bí iná bá fẹ́ jó wa mọ́lé. Bàbá káfíńtà kìlọ̀ pé kí n ra èyí tó ní sípíríǹgì tirẹ̀ lára, torí pé sípíríǹgì kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kò lágbára tó láti gbé ọwọ́ gígùn dúró, yóò kàn máa dà wálẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìwọ náà, di ti ilé tí o háyà n'Íbàdàn mú lálẹ́ òní, kí o fà á síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì, wá sùkúrúù ọrùn rẹ̀, kí o dè é kí ihò tó jẹ. Bá mi sọ fún ìyàwó rẹ pé kó má fi kànìnkànìn onírin fọ ti bàbá yín mọ́ bí ẹ bá wá. Kó la ọsàn wẹ́wẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ bọ iyọ̀, kó fi ra á díẹ̀, kó fi omi ọṣẹ ṣan án kíákíá, kó sì nù ún gbẹ. Bí omi ọsàn bá pẹ́ lára rẹ̀, á fa síǹkì inú idẹ jáde, ojú ibẹ̀ á sì pọ́n bíi bàbà.

Bó bá di ọjọ́ tí ọwọ́ mi ò lè yí ti ìta náà mọ́, wá yọ ọ́, mi ò ní bá ọ jà. Èyí tí a yọ kúrò nínú wà nínú àpótí aṣọ mi, mo fi gèlè wé e, tìẹ ni. Owó tó ṣẹ́ kù wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí o bá dé, má gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Gba iwájú, fi ọwọ́ òsì yí i, kí o fà á mọ́ra díẹ̀ kó o tó tì í, torí pákó ṣì wú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.