Ajá kì í ṣe ẹrù bọ́ọ̀tù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí àwọn dírẹ́bà má ṣe gba ajá sínú ọkọ̀ èrò mọ́. Ó ní ajá kan jókòó tì í láti Ìbàdàn wá sí Òṣogbo, itọ́ ajá náà sì ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo bá a kẹ́dùn, torí kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Àmọ́ nígbà tó ní bọ́ọ̀tù ni kí wọ́n máa kó gbogbo ajá sí, ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi ajá sí bọ́ọ̀tù rí, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún kẹta nìyí. Mo lọ ra ọmọ ajá olóṣù mẹ́rin kan ní Ìbàdàn, Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Inú àpò Gánà-mọ́s-gò ni mo gbé e sí, mo sì dá ihò sí àpò náà lára. Nígbà tí mo dé gáráàjì, dírẹ́bà wo àpò náà, ó bi mí pé, “Màámi, ṣé ti Ògún ni?” Mo ní rárá, mo fẹ́ máa sìn ín ni. Ó ní kò burú, kí n san ₦1,000 owó ẹrù, kí wọ́n bá mi gbé e sí bọ́ọ̀tù. Mo san án. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán ni, oòrùn mú, ọkọ̀ ò sì tíì kún. A dúró níbẹ̀ títí èrò fi pé.

Ìkirè ni táyà ti jò. Táyà yẹn ló gba ẹ̀mí ajá mi là, nítorí inú bọ́ọ̀tù ni táyà àpààrọ̀ wà, wọ́n ní láti ṣí i. Bí wọ́n ṣe tú àpò náà, Tanímọ̀la nà gbalaja. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ rẹ̀ ki bí oje ìtàkùn. Èrìgì rẹ̀, tó máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ọmọ ènìyàn, ti pọ́n kankan. Mo gbé e dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Arákùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀ ní òun ti bá oníṣègùn ẹran ṣiṣẹ́ rí. Ó gbé e lọ sábẹ́ igi, ó ní ká ra omi inú ọ̀rá, ká máa dà á sí i ní ikùn, ní abẹ́ itan àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, ká sì máa fi páálí fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ fi ìborùn mi tó ti tutù bò ó, ó kọ̀ fún mi. Ó ní aṣọ tó bò ó máa há ooru náà mọ́ ọn lára. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó gbé orí sókè, kí ó tó lá omi díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn èrò tó kù dúró dè wá, kò sí ẹni tó kùn. Orí itan mi ni ó wà láti ibẹ̀ dé ilé.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ajá kì í làágùn bíi tiwa rárá. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń yọ, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá ti gbóná bí ara rẹ̀, mímí náà kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ara ajá tí ara rẹ̀ yá máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 38 sí 39 lórí ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru. Bó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Àwọn tó wọn ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn sọ pé bí ìta bá jẹ́ 24, inú ọkọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 43 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ta ló rí ọ̀sán Òṣogbo nínú oṣù Ẹrẹ̀nà tó jẹ́ 24? Inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣeé ṣí sì ni mo ń sọ, kì í ṣe bọ́ọ̀tù tí kò ní fèrèsé rárá.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ bá ọmọ mi ọkùnrin ní Lídì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ajá, a sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ajá jẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wọn, èrò kan lè mú ajá méjì dání lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá ti so wọ́n lókùn tàbí tó gbé wọn sínú àgò. Ohun tí wọn kì í gbà ni kí ajá gun àga. Ilẹ̀ ni ajá wa dùbúlẹ̀ sí, lábẹ́ tábìlì, láàárín ẹsẹ̀ wa. Ọmọ mi ṣọ́ ìrù rẹ̀ kí ó má baà yọ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọjá. Nígbà tí a dé inú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé ajá náà sí àyà kí a tó gun àkàbà tó ń yí fúnra rẹ̀, nítorí àkàbà náà lè gé ajá ní ọmọ ìka. Òfin wọn ni.

Gbogbo ibi kọ́ ni ọ̀fẹ́. Ní Jámánì, ajá kékeré tí kò ju ológbò lọ, tó wà nínú àgò, kì í sanwó, ṣùgbọ́n ajá ńlá ń san ìdajì owó èrò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ so ó lókùn, kí wọ́n di ẹnu rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú irin Amtrak ń gba owó, ajá tàbí ológbò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi kílò mẹ́sàn-án lọ, tòun ti àgò tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́ àga olówó rẹ̀ ni àgò náà ń wà. Bí ìrìn àjò bá ju wákàtí méje lọ, wọn kì í gbà á. Owó yàtọ̀, ìwọ̀n yàtọ̀, àmọ́ nínú gbogbo wọn, ẹsẹ̀ olówó ajá ni ajá ń wà, níbi tí olówó rẹ̀ ti lè rí i pé ó ń mí. Tiwa ni owó ẹrù. Nítorí pé owó ẹrù la san, ibi ẹrù ni wọ́n ń gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é báyìí. Tanímọ̀la ti dàgbà, kílò mẹ́tàlá ni. (Mo gun ìwọ̀n, mo tún gbé e gun ìwọ̀n, mo yọ tèmi kúrò.) Mo wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí, mo wọn gígùn rẹ̀ láti imú dé ìdí ìrù. Mo mú ìwọ̀n náà lọ bá ẹni tó ń hun àgò adìẹ, mo ní kó bá mi hun èyí tí ajá lè dìde dúró nínú rẹ̀, kó lè yí padà, kó sì lè dùbúlẹ̀. Bó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ajá á máa ṣubú lọ ṣubú bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń dè ní ìta. Mo tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀, mo tẹ́ ìwé ìròyìn àti àkísà lé e, kí ìtọ̀ má baà jò sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. N kì í fún un lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, omi nìkan, torí ajá tó yó máa ń bì nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni mo ń wọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà. Àgò náà gba ààyè ẹsẹ̀ ẹnì kan, nítorí náà mo ń sanwó ààyè méjì. N kò rò ó pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ wà nínú báàgì mi, mo sì máa ń fi han ẹni tó bá béèrè.

Àgò yìí náà ló máa yanjú ẹ̀dùn ọkàn ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nínú ìlú wa kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n máa fi kírun, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ajá tó wà nínú àgò kò lè lá ẹnikẹ́ni. Kódà nígbà tí mo bá wọ ọkọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi bóyá ó fẹ́ kí a pààrọ̀ ààyè.

Ajá kan ṣoṣo ni kò yẹ ká béèrè àgò lọ́wọ́ rẹ̀, ajá tó ń mú aláìríran lọ. Mo rí ọ̀kan nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn. Ó ní ìdè líle kan ní ẹ̀yìn, tí bàbá tó ń mú lọ dì mú. Bí bàbá náà ṣe jókòó, ajá náà wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi irú rẹ̀ sí bọ́ọ̀tù, a ti fi ojú ẹni náà sí bọ́ọ̀tù nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dírẹ́bà takisí tó bá kọ irú ajá bẹ́ẹ̀, tàbí tó gba owó lé e, lè san owó ìtanràn tó £1,000, àfi bó bá ní ìwé pé ara òun kò gba irun ajá. Ní Amẹ́ríkà, ohun méjì ni òṣìṣẹ́ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni náà: ṣé nítorí àìlera rẹ ni ajá yìí fi wà, kí sì ni wọ́n kọ́ ọ láti ṣe? Wọn kò gbọ́dọ̀ béèrè àìsàn tó ń ṣe é. Ọmọdé ló ń mú ọ̀pọ̀ aláìríran lọ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá délé tòun ti ajá rẹ̀, Òkè-Fìà wa ní Òṣogbo níbí kọ́ ló yẹ kó ti máa bá agbèrò ṣàròyé. Òfin tó lòdì sí fífi abirùn ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wà ní Nàìjíríà láti 2019 tí Ààrẹ ti buwọ́ lù ú.

Mo bẹ àwọn alága gáráàjì wa, àti àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbé láti Èkó wá sí Òṣogbo lásìkò ọdún, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó: ajá nínú àgò, lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀, owó ààyè tó gbà, kò gbọ́dọ̀ wọ bọ́ọ̀tù. Bí alága kan bá fẹ́ fojú rí irú àgò tí mo ń sọ, kó ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ yín. N ó gbé tèmi wá sí gáráàjì, tòun ti Tanímọ̀la nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.