Ẹ̀sùn lórí aṣọ òwú tí ẹ ní ẹ ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì súnkì nígbà àkọ́fọ̀

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtajà,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, mo sì ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín tipẹ́. Ẹ̀sùn mi dá lórí aṣọ òwú funfun kan tí ẹ kọ sí ara rẹ̀ pé ẹ ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, àti pé kò ní súnkì kọjá ìdá 3 nínú 100. Mo fi rán ṣẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà mi kan. Bó ṣe fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó gbé e padà wá bá mi. Nígbà tí mo fi lé e lọ́wọ́, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 78; ó ti di 72. Apá rẹ̀ tó jẹ́ 62 ti di 57. Àyà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, 116 di 114. Èyí tó dùn mí jù ni iwájú níbi tí bọ́tìnnì tò sí. Aṣọ líle tí mo fi sínú ibẹ̀ kì í súnkì. Tìta súnkì, tinú kò súnkì, gbogbo ibẹ̀ wá wú gúlúgúlú. Kò sí bí èèyàn ṣe lè lọ̀ ọ́ tó máa tẹ́.

Mo pe àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ní iléeṣẹ́ yín. Ẹni tó dá mi lóhùn sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ló di gbogbo ẹ̀bi rù. Mi ò gbà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni oníbàárà mi lò, orí okùn ló sì sá a sí; ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ mọ́ aṣọ náà gba omi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 40. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di tèmi-ni-tìrẹ-kọ́, mo mú nínú èyí tó ṣẹ́kù, tí omi kò tíì kàn rí. Mo gé ègé méjì, mo sì fi báírò tí omi kì í pa rẹ́ fa ìlà onígun mẹ́rin sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 50 sí 50. Mo jẹ́ kí ìlà náà jìnnà sí etí tí mo gé, torí etí a máa tú, a sì máa tan èèyàn jẹ. Mo wá sàmì sí ìhà tó jẹ́ gígùn aṣọ.

Omi tútù ni mo rẹ ègé èkíní sí. N kò bó o, n kò fún un, mo kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí ó fi gbẹ. Gígùn rẹ̀ ti di 47. Èkejì ni mo fọ̀ bí a ṣe ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì: gígùn di 46, ìbú di 49. Ìyẹn jẹ́ ìdá 8 nínú 100 ní gígùn, ìdá 2 ní ìbú, ó sì bá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣẹ́ẹ̀tì náà mu. Bí omi tútù lásán bá lè gba ìdá 6 lára aṣọ tí ẹ ní ẹ ti fọ̀, omi gbígbóná kọ́ ló jẹ̀bi.

Àwọn ahunṣọ yín mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ wọn ni lẹ́tà yìí máa bọ́ sí. Fọ́nrán òwú fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń kúrú. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, ńṣe ló ń wú. Ó lè fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 sanra sí i, nígbà tí gígùn rẹ̀ kò ní fi ju bí ìdá 1 yí padà. Sísanra yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú aṣọ, òwú kọ̀ọ̀kan ń gba orí èyí tó dábùú rẹ̀, á tún gba abẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ mú okùn kan, kí ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀yìn òpó kan, kó gba iwájú èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn òpó náà bá sanra lójijì, ọ̀nà tí okùn máa yí gbà ti gùn sí i nìyẹn, orí rẹ̀ méjèèjì á sì fà wọlé. Aṣọ kúrú, òwú inú rẹ̀ kò kúrú.

Súnkì náà kì bá tí pọ̀ tó báyìí, ká ní aṣọ ń dé ọwọ́ wa láìsí pé wọ́n ti fà á. Lórí ẹ̀rọ ìhunṣọ, òwú gígùn le dan-in. Lẹ́yìn híhun, wọ́n á tún máa wọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sí òmíràn kó lè funfun tàbí kó gba àwọ̀, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ bó ṣe wà ní fífà. Bó bá ti gbẹ bẹ́ẹ̀, ó dúró síbẹ̀ títí omi mìíràn á fi wọ̀ ọ́ tí yóò dẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí gígùn aṣọ yín fi súnkì ju ìbú lọ: gígùn ni wọ́n fà jù. Bí aṣọ bá sì tún gbẹ, fọ́nrán á padà tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n òwú kò ní na ara rẹ̀ padà, kò sí ohun tó ń fà á mọ́.

Fífọ̀ tẹ́lẹ̀ dára nítorí pé aṣọ á ti dẹ̀ kí aránṣọ tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Àmọ́ bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tí ẹ tún fà á gbẹ, ẹ ti dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fura sí pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tò sí etí aṣọ náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìyẹn ni pé ó gba orí ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ di etí aṣọ mú títí á fi gbẹ. Ihò yẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, aṣọ gidi náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó mọṣẹ́ á máa ti aṣọ wọlé ju bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé e lọ, kí gígùn rẹ̀ lè rí àyè dẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí mítà pọ̀ lọ́jà ni yóò fà á. Èwo lẹ ṣe nínú méjèèjì?

Mo tún ègé kejì fọ̀. Gígùn rẹ̀ dé 45.5, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ sí i. Ẹ ò rí i pé ìfọ̀ kan péré, tí a gbẹ láìfà, ì bá ti gba sẹ̀ǹtímítà 4 nínú 4.5 tí aṣọ yìí máa pàdánù; èyí tó kù kò ju bí ìdá 1 nínú 100 lọ, ìlérí yín ì bá sì dúró. N kò sọ pé fífọ̀ tẹ́lẹ̀ ń tán gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fọ aṣọ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá ń kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbọ́n ọn yí po nínú ooru kó lè gbẹ, á tún rí i kó kúrú sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fọ aṣọ tí n kò tíì gé bí ẹni tó ni ín yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Ká ní ẹ ò kọ nǹkan kan sára tiyín, mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 20 ni ǹ bá rà dípò mítà 2, ǹ bá fọ̀ ọ́, kí n tó gé e.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ dá owó aṣọ náà padà fún mi, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí mo máa fi rán òmíràn fún oníbàárà mi. Mo sì fẹ́ kí ẹ yọ àkọlé yẹn kúrò lára gbogbo aṣọ tó jáde pọ̀ mọ́ eléyìí títí ẹ ó fi fọ díẹ̀ nínú wọn wò, torí èmi nìkan kọ́ ni mo rà á. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14. Bí n kò bá gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dáàbò bo oníbàárà ni mo máa gbé ẹ̀sùn yìí lọ.

Mo fi ègé méjèèjì sínú lẹ́tà yìí, ìlà wọn ṣì hàn ketekete. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà wọ́n tí ẹ bá fẹ́ fi téèpù wọ̀n wọ́n.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tó jẹ́ aránṣọ