Má bá mi dá a lóhùn

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò mà jù? Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́. O ní kí n fi obìnrin tó bà mí lórúkọ jẹ́ lórí Google Maps hàn ọ́, kó o fún un ní tiẹ̀. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀. Mo ti dá a lóhùn.

Ìràwọ̀ kan péré ló fún wa. Ó ní adìrẹ tóun rà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ Àìkú ṣí, ó sì ran aṣọ funfun òun, pé oníjìbìtì ni wá. Inú mi ru! Mo kọ èsì kan lálẹ́ ọjọ́ náà, o kúkú mọ ẹnu mi. Mo pa á rẹ́, mo lọ sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wo fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Etí aṣọ náà ṣẹ́ po níbì kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni! Tiwa tá a ń rẹ sínú aró, àwọ̀ máa ń wọ̀ ọ́ tojú tẹ̀yìn. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù ló ṣì, ìwọ náà mọ bí Ìtòkú ṣe há.

Google kì í yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò torí pé ọlọ́jà ní kì í ṣòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó máa wá rajà lọ́la ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo kọ ọ́ pé:

“Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ó dùn wá pé aṣọ yín bàjẹ́. A kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yìn aṣọ inú fọ́tò yín funfun, àwọn tí àwa ń tà sì máa ń gba aró tojú tẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí rìsíìtì wa lọ́wọ́ yín, ẹ mú un wá pẹ̀lú aṣọ náà, ká jọ wò ó.”

Ó kù díẹ̀ kí n fi kún un pé tiwa kì í ṣí rárá. Irọ́ ni! Adìrẹ tuntun máa ń ṣí díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, òun la ṣe ń ní kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù. Bí mo bá kọ irọ́ yẹn, oníbàárà mi gan-an ló máa já a.

Obìnrin náà ò tíì fèsì, ìràwọ̀ kan rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ lánàá, ìyàwó kan wọlé, kó tó béèrè iye, ẹ̀yìn aṣọ ló kọ́kọ́ yí wò. Mo rọra ń rẹ́rìn-ín.

Sọ fáwọn ìbejì pé mo dúpẹ́, àmọ́ kí wọ́n má fún mi ní ìràwọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń sọ yẹn. Wọn ò tíì ra aṣọ kankan lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n wá rà á lóṣù Ọ̀pẹ.

Èmi ni,
Ìyá Aládìrẹ rẹ